Pírójẹ́kítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ṣú, ó pọ́n rúsúrúsú, ó sì ń kú láàárín ìsìn: ṣé gílóòbù ni?

Akọrin Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mò ń bójú tó ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Pírójẹ́kítọ̀ wa, èyí tí wọ́n kọ 3LCD sí lára, ti ń yọ wá lẹ́nu láti bí oṣù méjì. Ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú díẹ̀díẹ̀, débi pé àwọn tó jókòó sẹ́yìn kò lè ka ọ̀rọ̀ orin mọ́ àfi tí a bá ti fèrèsé. Lẹ́yìn náà, ohun tó yẹ kó funfun di pupa rúsúrúsú, bí aṣọ funfun tí wọ́n fi omi odò fọ̀. Èyí tó wá burú jù ni pé ó ń kú fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, aago 9 àárọ̀ la tàn án. Kò tíì ju ìṣẹ́jú 25 lọ tó fi pa, orin kejì la sì wà. Mo tẹ rìmóòtù títí, kò dáhùn. Ó tó ìgbà tí wàásù ti wọra kó tó tún gbà láti tàn.

A pe ẹnì kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Kò tú u, ó kàn wò ó láti ìsàlẹ̀, ó ní gílóòbù ló ti gbó, ká lọ ra tuntun. Owó rẹ̀ kò kéré, owó ọrẹ àwọn ènìyàn sì ni. Kí n tó bá àwọn ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀, mo fẹ́ mọ̀: ṣé gílóòbù nìkan lè fa gbogbo èyí?

Ọmọ Ẹ̀gbá

Ẹ̀gbọ́n, gílóòbù ni. Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ni mo ní l'Ábẹ́òkúta, mo sì ti pààrọ̀ gílóòbù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wákàtí mẹ́jọ ni mò ń lò ó lójúmọ́, kì í ju ọdún kan àti ààbọ̀ lọ tí àwòrán á fi máa ṣú, àwọn oníbàárà á sì máa kùn pé àwọn ò rí bọ́ọ̀lù mọ́. Bí mo bá ti fi tuntun sí i, ojú á mọ́ kedere.

Tí owó kò bá tíì sí, ẹ ṣe èyí ná: ẹ tẹ `Menu`, ẹ wọ `Reset`, ẹ yan `Reset Lamp Hours`. Ìkìlọ̀ tó ń yọ lójú àwòrán á lọ, ẹ óò sì lè máa lò ó nìṣó. Tó bá jẹ́ pé eruku wà nínú rẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, kó fi afẹ́fẹ́ tó fi ń fọn táyà fọn ún dáadáa. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyẹn.

Atúnṣe Ìbàdàn

Akọrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tẹ ohunkóhun nínú `Reset`, ẹ má sì gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà. Ó lé lọ́dún 15 tí mo ti ń tú pírójẹ́kítọ̀, mo sì ti rí ohun tí nǹkan méjì yìí máa ń dá sílẹ̀.

Iye wákàtí tó wà nínú rẹ̀ ni ìwé ìrántí ẹ̀rọ náà. Tí ẹ bá dá a padà sí òdo láìpààrọ̀ gílóòbù, ẹ̀rọ á gbà pé tuntun ló wà nínú rẹ̀, kò sì ní kìlọ̀ fún yín mọ́ títí gílóòbù á fi bú. Ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ tún un ṣe lọ́la kò ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Afẹ́fẹ́ fọkanáísà ní tirẹ̀ máa ń ru omi àti òróró jáde láti inú táǹkì. Ó máa ń ti eruku kọjá asẹ́, á lọ lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì inú lọ́hùn-ún, níbi tí ọwọ́ yín kò lè dé. Ó tún máa ń yí àwọn fáànù kéékèèké inú rẹ̀ ní eré tí a kò dá wọn fún, ìdí wọn á sì jẹ.

Ohun tí Ọmọ Ẹ̀gbá sọ nípa kí àwòrán máa ṣú jẹ́ òótọ́. Gílóòbù tó ti lo ọjọ́ rẹ̀ máa ń ṣú. Àní, nígbà tí ilé iṣẹ́ bá kọ ọ́ pé gílóòbù á lo wákàtí 5,000, ohun tí wọ́n sábà ń sọ ni pé tó bá fi máa dé ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á ti wálẹ̀ sí bí ìdajì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni Akọrin kó wá síbí: ṣíṣú, pípọ́n àti kíkú. Ó lè jẹ́ pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ dá mi lóhùn nǹkan mẹ́rin yìí:

Iná kékeré wo ló tàn lára rẹ̀ nígbà tó kú, TEMP ni àbí LAMP, kí sì ni àwọ̀ rẹ̀? Tí ẹ bá tẹ `Menu` tí ẹ wọ `Info`, kí ni wọ́n kọ síwájú `Lamp Hours`? Nígbà tí `Menu` bá wà lójú ògiri, ṣé òun náà pọ́n, àbí ohun tó ń wá láti kọ̀ǹpútà nìkan ló pọ́n? Níkẹyìn, ibo lẹ gbé e kọ́, kí ló sì yí i ká?

Tíṣà Iléṣà

Ìbéèrè kẹta tí ẹ̀gbọ́n béèrè yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Ní ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, àwòrán wa di yẹ́lò pátá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ o, àárọ̀ ni mo dé bá a bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti fẹ́ gbé e fún ẹni tó máa tún un ṣe kí ọ̀gá kan tó tẹ `Menu`, la bá rí i pé `Menu` funfun, ó sì ní àwọ̀ búlúù rẹ̀ níbi tó yẹ. Wáyà VGA ló bàjẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn abẹ́rẹ́ kéékèèké tó wà lẹ́nu rẹ̀ ti tẹ̀, èyí tó ń gbé àwọ̀ búlúù, búlúù kò sì wọlé mọ́. Tí búlúù bá ti kúrò nínú funfun, yẹ́lò ló kù. A pààrọ̀ wáyà, ọ̀rọ̀ parí. Akọrin, ẹ kọ́kọ́ wo wáyà yín.

Alájà Ìwó

Ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ yìí, èmi náà ní irú rẹ̀. Pírójẹ́kítọ̀ kékeré kan ni ọmọ mi rà fún mi fún wàásù àwọn obìnrin nínú oṣù Ràmàdáánì. Kò ju búrẹ́dì kan lọ ní títóbi. Tèmi náà ti ṣú, ṣùgbọ́n mo wá `Lamp Hours` títí, n kò rí i. Níbo ni kí n ti wò ó, kí n lè mọ gílóòbù tí màá rà?

Atúnṣe Ìbàdàn

Alájà, ẹ kú àdúrà o. Tiyín kò ní gílóòbù tí a ń yọ. Iná LED ló wà nínú rẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí `Lamp Hours`. Nínú irú àwọn kékeré bẹ́ẹ̀, eruku tó wọ inú wọn tó sì bo jígí àti gíláàsì ló sábà máa ń mú wọn ṣú, nítorí púpọ̀ nínú wọn kò ní asẹ́ rárá. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tí a fi ń nu gíláàsì ojú nu lẹ́ńsì ìta. Tí kò bá yí padà, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ẹ má ra gílóòbù kankan.

Akọrin Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lálẹ́ àná, mo wo gbogbo rẹ̀.

Iná TEMP ni. Nígbà tó lo bí ogún ìṣẹ́jú, fáànù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké kíkankíkan, iná TEMP sì ń ṣẹ́jú ní àwọ̀ ọsàn. Kò pẹ́ sí i tó pa, TEMP wá tàn pupa láìṣẹ́jú mọ́. Iná LAMP kò tàn rárá.

`Lamp Hours` jẹ́ `2940H`.

`Menu` náà pọ́n. Mo tún yọ wáyà kúrò pátápátá, `Menu` ṣì pọ́n bákan náà, nítorí náà kì í ṣe wáyà bíi ti Tíṣà.

Ibi tó wà ni àjà, lókè ọ̀nà àárín, kò jìnnà sí páànù. Mo gbàgbé láti sọ èyí tẹ́lẹ̀: a kan àpótí onípákó bò ó lọ́dún tó kọjá nítorí olè. Iwájú rẹ̀ ṣí fún lẹ́ńsì, a sì lu ihò bí mẹ́fà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Atúnṣe Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ ti là á yé wa dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ kíkú. Kì í ṣe gílóòbù ló ń pa á. Ká ní gílóòbù ni, iná LAMP ni ì bá tàn. TEMP tó ń ṣẹ́jú ní àwọ̀ ọsàn túmọ̀ sí pé inú rẹ̀ ti ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń kìlọ̀ fún yín, ìdí nìyẹn tí fáànù fi ń sáré. Pupa tó dúró gbári túmọ̀ sí pé ooru ti kọjá ààlà, ẹ̀rọ sì pa gílóòbù fúnra rẹ̀ kí nǹkan má bàa yọ́. Ohun tí wọ́n dá mọ́ ọn láti dáàbò bo ara rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, tó bá pa bẹ́ẹ̀, ẹ má fa wáyà iná yọ nígbà tí fáànù bá ṣì ń yí. Ẹ jẹ́ kó yí títí á fi dákẹ́, kí ẹ wá fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i kí ẹ tó tún tàn án. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mìíràn, ẹ wo ìwé tiyín, nítorí ìtumọ̀ àwọn iná yìí lè yàtọ̀.

Pírójẹ́kítọ̀ irú èyí ń jẹ iná tó tó 300 wọ́ọ̀tì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló ń di ooru. Ẹ̀yin wá fi pákó bò ó lábẹ́ páànù. Ooru tó ń tú jáde kò rí ibi lọ, ó ń yí po nínú àpótí, ẹ̀rọ sì tún ń fà á wọlé. Ṣùgbọ́n ọdún tó kọjá lẹ kan àpótí, oṣù méjì sẹ́yìn ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ohun mìíràn ti kún un. Mo gbà pé asẹ́ afẹ́fẹ́ ni. Ṣé ẹ ti fọ̀ ọ́ rí láti ìgbà tí ẹ ti rà á?

Ẹ̀yìn náà la máa mú `2940H`. Ẹ sọ fún mi ìgbà tí ẹ rà á, bóyá tuntun ni àbí tòkunbọ̀, àti iye wákàtí tí ẹ ń lò ó lọ́sẹ̀.

Akọrin Ògbómọ̀ṣọ́

N kò mọ̀ pé ó ní asẹ́ rárá, ẹ̀gbọ́n. Ọdún mẹ́ta ti pé tí a rà á. Wọ́n sọ fún wa nígbà yẹn pé tuntun ni, ṣùgbọ́n kò sí páálí rẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi, wákàtí mẹ́rin. Ọjọ́rú, méjì. Àìsùn ọjọ́ Ẹtì, mẹ́ta.

Atúnṣe Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mẹ́rin, méjì àti mẹ́ta jẹ́ wákàtí 9 lọ́sẹ̀. Lọ́sẹ̀ 52, ó jẹ́ 468. Ní ọdún mẹ́ta, ó jẹ́ 1,404. Ẹ̀rọ ń sọ 2,940. Ó ṣẹ́ kù 1,536 tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ lò ó. Àfi tó bá jẹ́ pé ẹnì kan máa ń gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀ ní títàn, tòkunbọ̀ ni wọ́n tà fún yín. Èyí tó dára níbẹ̀ ni pé ẹni tó tà á kò dá wákàtí rẹ̀ padà sí òdo nígbà tó ń tà á, nítorí ká ní ó ṣe bẹ́ẹ̀ ni, 1,400 lẹ ì bá rí. Ṣùgbọ́n bóyá ẹlòmíràn ti dá a padà kí ó tó kan ẹni tó tà á, nọ́ńbà yẹn kò lè sọ fún wa. Ojú gílóòbù fúnra rẹ̀ ló máa sọ díẹ̀.

Ẹ má tíì yọ gílóòbù. Ẹ mú asẹ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà iná, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tí kì í tú ooru jáde. Ìdérí kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi èékánná ṣí. Ẹ fa asẹ́ jáde jẹ́jẹ́ kí eruku má bàa dà padà sínú. Ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ fi ọwọ́ gbá a jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí lẹ́ẹ̀márùn-ún. Tí ẹ bá rí ẹ̀rọ tó ń fa eruku nínú kápẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé ẹnu rẹ̀ sún mọ́ ojú asẹ́. Tí kò bá sí, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí wọ́n fi ń kun ilé, tí kò tíì kan ọ̀dà rí, tó. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́ o. Asẹ́ irú èyí dà bí bébà, omi á lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn ní asẹ́ onífóòmù tó ṣeé fọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí. Ẹ má sì tan ẹ̀rọ láìsí asẹ́ nínú rẹ̀, kódà fún ìdánwò.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn, mo gba ọ̀rọ̀ yín nípa fọkanáísà. Mo wá mọ ìdí tí fáànù tèmi fi ń dún bí ọlọ báyìí.

Nípa `Reset`, mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan rí, gílóòbù yẹn sì bú. Ó ró gbàù láàárín eré, gbogbo èèyàn sá jáde. Èmi ò mọ̀ pé `Reset` ló fà á.

Atúnṣe Ìbàdàn

Àbúrò, kì í ṣe `Reset` fúnra rẹ̀ ló bú u. Ó pa ìkìlọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ wá lò ó kọjá ọjọ́ rẹ̀. Mẹ́kúrì wà nínú gílóòbù yẹn, ó sì máa ń di èéfín nígbà tó bá gbóná. Tí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, ẹ kó àwọn èèyàn jáde fún ìgbà díẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ lásán kó èérún gíláàsì.

Akọrin Ògbómọ̀ṣọ́

Mo ti ṣe é. Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá sọ fún yín pé n kò rí ojú asẹ́ náà, ẹ gbà mí gbọ́. Eruku ti dì lójú rẹ̀ bí òwú, pupa bí ilẹ̀ wa níhìn-ín, gbogbo eruku ọyẹ́ ọdún mẹ́ta. Mo gbá a, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, ó ṣì dúdú díẹ̀, ṣùgbọ́n mo lè rí ìmọ́lẹ̀ kọjá nínú rẹ̀ báyìí.

Mo tàn án nínú àpótí rẹ̀ ní ọ̀sán. Ó lo ìṣẹ́jú 70 kí TEMP tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Mo pa á fúnra mi kí ó tó pa ara rẹ̀. Ṣé kí n ra asẹ́ tuntun ni àbí kí n yọ àpótí?

Atúnṣe Ìbàdàn

Ẹ ṣe méjèèjì, ṣùgbọ́n àpótí ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, nítorí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Asẹ́ tuntun kò wọ́n, ẹ béèrè èyí tó bá nọ́ńbà ẹ̀rọ yín mu.

Ìwé àwọn ẹ̀rọ yìí sábà máa ń sọ pé kí afẹ́fẹ́ tó yí wọn ká má ju ìwọ̀n ooru 35 tàbí 40 lọ. Nínú àpótí lábẹ́ páànù ní ọ̀sán, ó dá mi lójú pé ẹ ti kọjá ibẹ̀. Tí ẹ bá ń bẹ̀rù olè, ẹ jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ ṣe irin gbàǹgbà fún un, bí irú èyí tí wọ́n fi ń ti jẹnẹrétọ̀ mọ́lẹ̀, kí àyè tó tó ẹsẹ̀ bàtà kan wà ní ẹ̀gbẹ́ tó ń fa afẹ́fẹ́ àti èyí tó ń tú u jáde. Ẹ tún lè wọ `Power Consumption`, ẹ yan `Eco`. Ooru á dínkù, ọjọ́ gílóòbù á sì gùn, ṣùgbọ́n àwòrán á tún ṣú sí i, nítorí náà n kò rò pé ó dára fún yín nísinsìnyí.

Tíṣà Iléṣà

Níbi ọ̀rọ̀ `Eco` yìí, mi ò gbà pátápátá, ẹ̀gbọ́n. `Eco` la fi tiwa sí láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n a ti fèrèsé. Mo rò pé kí wọ́n ra kọ́tìnnì dúdú kí wọ́n sì lo `Eco` dára ju kí wọ́n máa jó gílóòbù lọ.

Atúnṣe Ìbàdàn

Nínú kíláàsì, ẹ jàre. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tí èrò kún inú rẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ ti fèrèsé mọ́ wọn, àwọn náà á gbóná. Ẹ jẹ́ kí Akọrin fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Akọrin Ògbómọ̀ṣọ́

Mo yọ àpótí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó tàn láti aago 9 títí di aago 1. TEMP kò tàn rárá, fáànù rẹ̀ kò sì ké. Bàbá olùdarí ìjọ wá kí mi lẹ́yìn ìsìn.

Àwòrán mọ́ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣú, ó sì ṣì pọ́n. Mo wá gbé ojú ìwé funfun gbalaja sí i láti inú kọ̀ǹpútà, mo rí ohun tí n kò rí tẹ́lẹ̀: kì í ṣe ibi gbogbo ló pọ́n bákan náà. Igun òkè lọ́wọ́ ọ̀tún pọ́n jù, bí ibi tí òróró ta sí, ó wá ń fẹ́lẹ́ bó ṣe ń bọ̀ wá sí àárín. Apá òsì fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Gílóòbù nìyẹn báyìí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ló ti jó.

Atúnṣe Ìbàdàn

Rárá, àbúrò. Gílóòbù kì í fi àbàwọ́n sí igun kan. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń pò pọ̀ kí ó tó dé ojú àwòrán, nítorí náà tó bá ṣú, ibi gbogbo ló máa ń ṣú. Àbàwọ́n yẹ́lò tó ní ààyè tirẹ̀ máa ń wá láti ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ búlúù ń gbà kọjá. Nínú ẹ̀rọ 3LCD, wọ́n ń pín ìmọ́lẹ̀ sí mẹ́ta: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní gíláàsì kékeré tirẹ̀ tó ń ya àwòrán, pẹ̀lú awẹ́ tín-ín-rín kan tó ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Ti búlúù ló sábà máa ń kọ́kọ́ jó, torí ìmọ́lẹ̀ búlúù lágbára ju àwọn yòókù lọ. Tí ooru bá wá dà bo ó bó ṣe dà bo tiyín nínú àpótí, ó máa ń tètè jó. Ibi tó bá jó kò ní jẹ́ kí búlúù kọjá dáadáa, ohun tó yẹ kó funfun níbẹ̀ á sì di yẹ́lò, bíi ti wáyà Tíṣà gẹ́lẹ́.

Ohun tó dá mi lójú ni pé gílóòbù tuntun kò ní mú àbàwọ́n yẹn lọ. Bóyá ó lè mú kí ó mọ́ sí i, ìyẹn la ò tíì mọ̀. Ṣé ẹ mọ ìjọ mìíràn tó ń lo irú rẹ̀ gẹ́lẹ́, tí wọ́n lè yá yín ní gílóòbù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá?

Akọrin Ògbómọ̀ṣọ́

Wọ́n wà, ní àdúgbò kejì. Màá bẹ̀ wọ́n.

Atúnṣe Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ méjèèjì tutù fún wákàtí kan gbáko kí ẹ tó ṣí ìdérí gílóòbù. Ẹ di etí rẹ̀ mú, ẹ má fọwọ́ kan gíláàsì rẹ̀. Ẹ kọ `Lamp Hours` ti ẹ̀rọ méjèèjì sínú ìwé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì tẹ `Reset Lamp Hours` lára èyíkéyìí, nítorí ẹ óò dá gílóòbù wọn padà. Nígbà tí tiyín bá wà lọ́wọ́, ẹ gbé e sójú oòrùn kí ẹ wo inú rẹ̀: ṣé gíláàsì kékeré tó wà láàárín yẹn mọ́ kedere, àbí ó ti funfun bí omi ògì, tàbí ó ti dúdú?

Ọmọ Ẹ̀gbá

Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ tó lọ, ẹ gba tèmi yẹ̀ wò. Tèmi náà ti ń kú láàárín eré láti ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì ti fọ asẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ yín. Ó ṣì ń kú. Ṣùgbọ́n kò sí iná kankan tó ń tàn lára rẹ̀, TEMP kò tàn, LAMP kò tàn, ó kàn dúdú pátápátá.

Atúnṣe Ìbàdàn

Ṣé jẹnẹrétọ̀ lẹ fi ń tàn án? Tó bá jẹ́ pé gbogbo iná ara rẹ̀ ló ń kú pa pọ̀, mo fura sí iná tó ń wọ inú rẹ̀, kì í ṣe ooru. Ẹ fi gílóòbù ilé lásán sí ojú iná kan náà, kí ẹ máa wò ó bóyá ó ń rẹlẹ̀ nígbà tí firíìjì bá gbéra. Ẹ tún wo ẹnu wáyà iná níbi tó ti wọ ara ẹ̀rọ, bóyá ó ti jó tàbí ó ti ń mì.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Jẹnẹrétọ̀ ni, firíìjì méjì sì wà lórí rẹ̀. Mo gbé gílóòbù ilé sí i, ó ń rẹlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lálẹ́ àná ó tún kú nígbà tí Nẹ́pà wà, tí firíìjì ò sì ṣiṣẹ́. N kò tíì mọ èyí tí mo máa mú.

Atúnṣe Ìbàdàn

Ẹ gbé e wá kí n tú u. Tó bá jẹ́ pé ibi tó ń pín iná nínú rẹ̀ ló ń jó, mi ò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu mọ̀ ọ́n láti ibí.

Akọrin Ògbómọ̀ṣọ́

Mo ti dé. Gílóòbù wọn ní wákàtí 610 péré. Mo fi sínú ẹ̀rọ wa, ojú ògiri mọ́ gidi, ẹni tó jókòó lẹ́yìn ka orin pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí. Àbàwọ́n igun ọ̀tún ṣì wà níbẹ̀ bí ẹ ṣe sọ ọ́, kódà ó wá hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tiwa, gíláàsì kékeré inú rẹ̀ ti funfun bí omi ògì, ó sì dúdú díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Mo dá tiwọn padà, mo sì fi tiwa sí ipò rẹ̀.

Atúnṣe Ìbàdàn

Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ó ti lò ju 2,940 tí ẹ̀rọ ń sọ lọ, tàbí ooru àpótí ti mú un gbó ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Méjèèjì lè jẹ́ òótọ́, n kò lè yà wọ́n.

Ohun tí ẹ máa sọ fún ìgbìmọ̀ ni pé gílóòbù á mú ṣíṣú lọ, kò ní mú yẹ́lò lọ. Láti mú yẹ́lò lọ, a ní láti tú u dé inú lọ́hùn-ún. Tó bá jẹ́ awẹ́ tín-ín-rín yẹn nìkan ló jó, a lè pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá jẹ́ gíláàsì tó ń ya àwòrán ló jó, èmi kì í gba irú iṣẹ́ yẹn, nítorí owó rẹ̀ máa ń sún mọ́ owó ẹ̀rọ tòkunbọ̀ mìíràn. Kí ẹ tó ra gílóòbù, ẹ gbé e wá kí n kọ́kọ́ wo èyí tó jẹ́.

Akọrin Ògbómọ̀ṣọ́

Ìgbìmọ̀ jókòó lálẹ́ yìí. Wọ́n ní kí n gbé e wá sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n tó fọwọ́ sí owó gílóòbù. Títí di ìgbà yẹn, mo ti yí ìwé orin wa padà sí ọ̀rọ̀ funfun lórí ojú dúdú, kí àbàwọ́n igun náà má bàa hàn púpọ̀. Alágbẹ̀dẹ sì ti wá wọn ibi tí irin náà máa wà.